Owó Tí Ó Jáde Ní Báńkì Láìfi Nọ́ńbà Káàdì Hàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a wá kiri. Inú ìpàdé ni ó ti bẹ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí kì í jà.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé a ń dá owó òrùlé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, a sì ti bẹ àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun pé kí wọn bá wa gbé e. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa tí ó ń ta aṣọ ní Sábọ́n Gàrí ní ọmọbìnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Mánṣẹ́sítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ṣe ìlérí £150. Nígbà tí ó fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ nínú áàpù tí ó máa ń fi ránṣẹ́ sílé, áàpù náà kò bi í ní nọ́ńbà káàdì rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní kí ó tẹ ibi tí a kọ `Pay by bank` sí. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́, ojú fóònù yí padà, ó di ti báńkì rẹ̀. Orúkọ tí ó sì rí níbẹ̀ pé òun fẹ́ san owó fún kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ wa, kì í sì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Àyà ọmọ já, ó pe bàbá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá ní, "Máà tẹ nǹkan kan mọ́ o. Ẹni tí yóò mú owó nínú báńkì ènìyàn láìbi í ní káàdì, olè ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá gbé wá sí ìpàdé. Àwọn kan gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí gbogbo àwọn ọmọ wa lókè òkun pé a kò gba owó tí ó bá ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn ọ̀dọ́ ní ayé ti lọ síwájú. Alága wá pàṣẹ pé kí akọ̀wé lọ wádìí. Àwa tí a kò kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a gbé iṣẹ́ yìí fún, ṣùgbọ́n a ti ń ta ọjà láti ìgbà èwe wa, a sì mọ bí owó ṣe ń rìn. Alẹ́ méjì ni a fi bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, tí ó ń fi ojú fóònù rẹ̀ hàn wá ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A tún bá ọmọkùnrin kan nínú wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ohun tí a rí nìyí.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ báńkì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo káàdì fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé káàdì ni ààbò. Káàdì ní nọ́ńbà gígùn kan, ó ní ọjọ́ tí yóò kú, ó sì ní nọ́ńbà mẹ́ta kékeré lẹ́yìn. Bí o bá ti kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sí ọwọ́ ẹni tí ń tajà, ó ti di ohun tí ó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nọ́ńbà tí o fi ra bàtà lóṣù yìí náà ni ẹlòmíràn lè fi ra ẹ̀rọ lóṣù tí ń bọ̀, bí ó bá jí i nínú ìwé oníbàtà. Òótọ́ ni pé báńkì máa ń tún béèrè ìdánilójú lórí fóònù nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà, kì í sì í ṣe ní gbogbo ilẹ̀. Nítorí náà nọ́ńbà káàdì dà bí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí o fún ọmọ ọjà: ó wúlò títí dìgbà tí o bá pààrọ̀ àgádágodo.

Ọ̀nà tí ọmọbìnrin yìí bá pàdé yàtọ̀ sí èyí. Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe nígbà tí wọn kò bá ráàyè lọ sí báńkì. Wọn a kọ ìwé sí báńkì pé, "Ẹ fún lágbájá ní iye báyìí nínú owó mi," wọn a fún ọmọ kan kí ó gbé e lọ. Ọmọ yẹn kò mọ iye tí ó wà nínú àkáǹtì, kò ní ìwé sọ̀wédowó, kò sì lè fi ìwé kan náà gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé yẹn wà fún iye kan, fún ẹnì kan, fún ọjọ́ kan. Ohun tí áàpù náà ṣe gan-an nìyẹn. Ó di ìránṣẹ́ tí ó gbé ìwé lọ, kì í ṣe ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́. Àfikún kan ṣoṣo ni pé báńkì kò gba ìwé náà gbọ́ lọ́wọ́ ìránṣẹ́. Báńkì a yí padà sí oníowó fúnra rẹ̀, a sì bi í pé, "Ṣé ìwọ ni o rán an?"

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2018 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí báńkì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún oníbàárà, bí oníbàárà bá fẹ́. Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní óòpun báńkíìn, ìyẹn ni pé báńkì ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀kùn ńlá ni wọ́n ṣí. Fèrèsé kan ni wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé báńkì fún àwọn ìránṣẹ́ nìkan, ẹ̀rọ ni ó sì ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àjọ tí ń jẹ́ FCA ni ó ń fún àwọn ìránṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, ó sì ní ìwé orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Olúkúlùkù ìránṣẹ́ ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ tí a kò lè fi ọwọ́ yà, ẹ̀rọ báńkì a sì wo òǹtẹ̀ yẹn kí ó tó dá a lóhùn rárá.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí ó wà kí òfin yìí tó dé, nítorí àwọn kan ṣì ń ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan a ní kí oníbàárà kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń wọ báńkì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí ọwọ́ àwọn. Ẹ̀rọ wọn a wá wọlé bí ẹni pé òun ni oníowó, a sì máa wo ohun gbogbo tí ó wà nínú ilé. Báńkì kò lè mọ̀ bóyá oníbàárà ni tàbí àjèjì. Ìyẹn ni Bàbá ń bẹ̀rù, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì ṣàì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ rẹ̀ rí kì í ṣe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé £150 náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọbìnrin náà kọ iye owó sínú áàpù, ó kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ wa níbí, ó sì yan `Pay by bank`. Áàpù to orúkọ àwọn báńkì sílẹ̀, ó yan tirẹ̀. Ojú ìwé kan wá yọ tí ó sọ iye, orúkọ ẹni tí yóò gba owó, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé ìwé lọ, ó sì ní kí ó gbà tàbí kí ó kọ̀. Ó gbà á.

Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò rí. Ìránṣẹ́ ti dé ojú fèrèsé báńkì, ó ti fi òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn, ó sì ti fi ìwé sílẹ̀ pé: £150, sí àkáǹtì báyìí, pẹ̀lú àkọlé báyìí. Báńkì kò tíì san kọ́bọ̀. Ó kàn fi ìwé náà sí inú àpótí, ó fún un ní nọ́ńbà, ó ní kí ìránṣẹ́ lọ mú oníowó wá. Ìdí nìyẹn tí ojú fóònù fi yí padà. Áàpù ìfowóránṣẹ́ ta ọmọbìnrin náà sí áàpù báńkì tirẹ̀, èyí tí ó ti wà lórí fóònù rẹ̀ tipẹ́. Níbẹ̀, báńkì ní kí ó fi ìka rẹ̀ lé e, bí ó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Báńkì fi iye àti orúkọ ẹni tí yóò gba owó hàn án, ó sì bi í pé àkáǹtì wo ni kí òun ti mú un. Àwọn ohun tí ó kọ níbẹ̀, ìka rẹ̀ àti àṣírí rẹ̀, ààrin òun àti báńkì rẹ̀ ni ó wà. Ìránṣẹ́ dúró ní ìta, kò rí i.

Nígbà tí ó fọwọ́ sí i, báńkì fún ìránṣẹ́ ní ohun kan bí táálì, èyí tí ó wà fún ìwé yẹn nìkan. Ìránṣẹ́ padà sí ojú fèrèsé pẹ̀lú táálì, ó ní, "Ẹ san ìwé mi." Báńkì yọ ìwé tí ó wà nínú àpótí, ó fi wé èyí tí ìránṣẹ́ mú wá. Bí ìránṣẹ́ bá ti sọ £150 di £1,500, tàbí tí ó bá ti pààrọ̀ orúkọ ẹni tí yóò gbà á, kò bára mu, báńkì a sì kọ̀ ọ́. Òfin ibẹ̀ so ìdánilójú tí oníowó ṣe mọ́ iye kan àti ẹnì kan pàtó. Bí ọ̀kan bá yí padà, ìdánilójú náà ti kú. Bí ó bá bára mu, báńkì a san án lọ́nà kan náà tí ó fi ń san owó láti àkáǹtì sí àkáǹtì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó sábà máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Òfin tún sọ pé owó náà kò gbọdọ̀ sùn sí ọwọ́ ìránṣẹ́ fún ìṣẹ́ yìí. Láti báńkì oníowó ni ó ti ń lọ tààrà sí báńkì ẹni tí a ń san fún.

Ẹ wá rí i pé kò sí ibì kankan tí káàdì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Káàdì lè ti kú, ó lè ti sọnù, ọmọ náà lè má ní káàdì rárá. Àkáǹtì ni ó ń san, oníowó ni ó sì fọwọ́ sí i nínú ilé báńkì tirẹ̀.

Kí ni ti orúkọ àjèjì tí ó dẹ́rù bà á? Èyí ni ó gùn jù láti yé wa. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a sì rò pé orúkọ kan ni. Àkọ́kọ́ ni áàpù tí ó fi ń ránṣẹ́. Ìkejì ni ìránṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ìwé lọ sí báńkì fúnra wọn, wọ́n a gba ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ní i. Ìkẹta ni ẹni tí owó wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sì ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni áàpù, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ tí ó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba tí kò jọ orúkọ tí a mọ áàpù sí. Ẹgbẹ́ wa kò lè wà níbẹ̀, nítorí báńkì Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ wá. Ìrìn àjò méjì ni owó náà ń rìn. Ìrìn kìíní ni láti àkáǹtì ọmọ sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ áàpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí nìkan ni ó gba fèrèsé báńkì kọjá. Ìrìn kejì ni kí ilé-iṣẹ́ náà san náírà sínú àkáǹtì wa níbí, ìyẹn kò sì ní í ṣe pẹ̀lú óòpun báńkíìn rárá. Nígbà tí a ṣàlàyé èyí fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìgbà tí mo fi owó rán awakọ̀ lọ sílé, ṣé orúkọ ìyá mi ni mo kọ sí ara ọkọ̀?"

Ẹ lè béèrè pé èrè kí ni áàpù ń rí tí ó fi ń ti àwọn ènìyàn sí ọ̀nà yìí. Oníṣòwò ni wá, a mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀ fún àánú. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún àwọn oníkáàdì lórí ọjà kọ̀ọ̀kan a máa ga ju èyí tí wọ́n ń san fún ìránṣẹ́ lọ. Owó káàdì sì lè pẹ́ ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wọn, nígbà tí èyí ń dé lójú ẹsẹ̀. Ìdí kan ṣì wà tí wọn kì í kọ gàdàgbà: oníbàárà lè gba owó káàdì padà, ṣùgbọ́n kò rọrùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èyí.

Níbẹ̀ ni a ti fẹ́ kí àwọn ọmọ wa lókè òkun la ojú wọn. Bí o bá fi káàdì ra ọjà tí oníṣòwò kò sì fi ọjà náà ránṣẹ́, báńkì lè bá ọ gba owó náà padà lọ́wọ́ báńkì oníṣòwò gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ àwọn oníkáàdì. Bí ó bá sì jẹ́ káàdì ìyáwó ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1974 mú báńkì dúró fún ọjà tí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ. Owó tí ó bá ti àkáǹtì lọ sí àkáǹtì kò ní irú ìpadà bẹ́ẹ̀. Bí oníbàtà kò bá fún ọ ní bàtà, ìwọ àti oníbàtà ni yóò máa fà á. Nítorí náà ọ̀nà yìí dára fún ẹni tí o mọ̀, fún owó orí, fún owó iná, fún ìfowóránṣẹ́ sílé. Fún ọjà lọ́wọ́ àjèjì, káàdì ṣì sàn jù.

Ọ̀rọ̀ olè yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọjà. Bí owó bá jáde láìjẹ́ pé oníowó fọwọ́ sí i, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí báńkì rẹ̀ dá owó náà padà, ó pẹ́ tán ní òpin ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ó fi sùn, àyàfi bí báńkì bá ní ìdí gidi láti fura sí oníbàárà náà. Ìbáà jẹ́ ìránṣẹ́ ni ó gbé ìwé náà wá, báńkì ni yóò kọ́kọ́ san án, òun àti ìránṣẹ́ a sì yanjú ti àárín wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí oníowó fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i nítorí pé ẹlẹ́tàn tàn án, ọ̀ràn mìíràn ni. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn báńkì ibẹ̀ ní láti san irú owó bẹ́ẹ̀ padà títí dé £85,000, ṣùgbọ́n kìkì bí owó náà bá lọ sí àkáǹtì tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí a fi ránṣẹ́ jáde kúrò níbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín kí ẹ tó sọ ohun mìíràn fún wọn.

A ó tún sọ àṣìṣe kan tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ọmọbìnrin yìí, nítorí a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Nígbà tí Bàbá gbà pé kí ó san owó náà, inú ọkọ̀ ojú irin ni ó wà. Ó fi ìka sí i nínú áàpù báńkì, bí fóònù ti ń dá a padà sí áàpù ìfowóránṣẹ́ ni àmì ìpè já. Nígbà tí ó padà wọlé, áàpù sọ fún un pé owó náà ṣì ń dúró. Ó rò pé kò lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ìka sí i lẹ́ẹ̀kejì. £300 ni ó jáde. Kì í ṣe olè. Ìwé méjì ni ó fọwọ́ sí, báńkì sì san ìwé méjì. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìgbà tí ó fi ìka sí i nínú ilé báńkì ni iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Owó lè ti jáde kí áàpù tó gbọ́ ìròyìn. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ó fi ojú ìwé àkáǹtì rẹ̀ hàn wọ́n pé owó jáde lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá £150 padà lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Bí ọ̀nà bá já báyìí, ẹ máà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí áàpù báńkì fúnra rẹ̀, kí ẹ wò bóyá owó ti jáde. Bí ó bá ti jáde, ẹ dúró.

Báwo ni a ṣe ń mọ ayédèrú? Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣe pàtàkì jù: ibi tí a ti bi ọ́ ní àṣírí. Ojúlówó a máa gbé ọ lọ sí áàpù báńkì tí ìwọ fúnra rẹ fi sórí fóònù. Ayédèrú a ya ojú ìwé tí ó jọ ti báńkì, a sì ní kí o kọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ síbẹ̀. Bí áàpù báńkì rẹ bá wà lórí fóònù tí ojú ìwé kan kò sì ṣí i, tí ó ń fẹ́ kí o máa tẹ àṣírí sí ibòmíràn, ẹ pa á dé. Bí ẹnìkan bá sì pè tí ó ní kí o ka nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ fún òun lórí fóònù, ìránṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Ìránṣẹ́ gidi kò nílò rẹ̀.

Ẹ tún ka ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí. Ìwé £150 lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí àṣẹ láti máa wo àkáǹtì yín, ó sì yàtọ̀ sí àṣẹ láti máa mú owó léraléra títí dé iye kan. Fèrèsé kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ó ń béèrè ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó jẹ́. Ọmọbìnrin náà jẹ́wọ́ fún wa pé òun kì í ka ojú ìwé yẹn. A kò bá a wí, nítorí àwa náà kì í kà á.

Ní ti ilé wa níbí, ẹ máà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà lórí rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2021, ó sì tún gbé àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìyọ̀ǹda oníbàárà sì ni ìpìlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ní ọjà kì í ṣe èyí. Nígbà tí ojú fóònù bá fún ọ ní nọ́ńbà àkáǹtì kan tí ó ní kí o fi owó ránṣẹ́ sí i, ìwọ fúnra rẹ ni o lọ sí báńkì rẹ, o da nọ́ńbà kọ, o sì fi owó ránṣẹ́. Kò sí ìránṣẹ́ níbẹ̀, bí o bá sì ṣi nọ́ńbà kọ, ọrùn rẹ ni ó wà. Èyí tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń béèrè náà yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn sábà máa ń gba àṣẹ láti máa yọ owó fúnra wọn nígbà tí ọjọ́ bá pé, ìyẹn sì jẹ́ àṣẹ tí ó wà títí tí a ó fi fagi lé e. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ tí ó sì ti san gbèsè tán, kí ó lọ sí báńkì rẹ̀ kí ó béèrè bóyá àṣẹ náà ṣì wà láàyè.

Ìpàdé ti gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu wa, a sì ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹgbẹ́ yóò máa gba owó tí ó bá ti ọ̀nà yìí wá. A kò ní í kọ rìsíìtì fún ẹnikẹ́ni nítorí àwòrán ojú fóònù tí ó sọ pé owó ti lọ, nítorí ìrìn kìíní ni àwòrán yẹn ń sọ, ìrìn kejì sì lè má tíì parí. Ọjọ́ tí owó bá wọ àkáǹtì wa ni a ó kọ ọ́. Kí àwọn ọmọ wa kọ orúkọ bàbá wọn àti ọ̀rọ̀ náà "òrùlé" sí ibi àkọlé nínú áàpù, kí akápò má baà máa wá ẹni tí ó ni owó kiri bí ó ti ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù tó kọjá. Owó ọmọ Bàbá aláṣọ ti dé, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò, Bàbá kò sì tíì wá gbà á.